Ta Ni Ẹni Tí Ó Wà Nínú Àwòrán Náà?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe kan tí ó jẹ́ tèmi fúnra mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ sí abúlé kan ní agbègbè Atakpamé láti wo bí ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti ń lọ sí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, bàbá àgbàlagbà kan tí ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kí n ya àwòrán òun. Obìnrin kan dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá a gbé ìwé kíkà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo bèèrè ẹni tí obìnrin náà í ṣe. Bàbá dáhùn pé: "Ìyàwó wa nìyí." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí a tẹ àwòrán náà jáde, ohun tí mo kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni pé bàbá náà "àti ìyàwó rẹ̀" jọ ń kọ́ ìwé.

Obìnrin náà kì í ṣe ìyàwó bàbá. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni. Àbíjàn ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan fi telifóònù ya ojú ìwé náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin náà pe ìyá rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ó bèèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti ṣú òun lópó nígbà tí òun ṣì wà láàyè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn àgbà jókòó kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀, èmi náà sì wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣe àlàyé pé ọwọ́ mi ni àṣìṣe náà ti wá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sí abẹ́ àwòrán, èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn elédè Faransé ń pè ní lejándì. Ó kéré lójú. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń kà, òun nìkan sì ni àwọn mìíràn ń kà, pàápàá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé tí kò tíì lè ka ojú ìwé tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin náà sì ti ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa báyìí: àwòrán ayẹyẹ, àwòrán ìpàdé ẹgbẹ́ aláṣọ, àwòrán kànga tuntun. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò lè tẹ̀, kì í ṣe nítorí pé àwòrán kò mọ́lẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé a kò mọ ẹni tí ó wà nínú wọn.

Ẹ wò ó bí bàbá yẹn ti sọ òtítọ́, tí èmi náà gbọ́ ọ dáadáa, síbẹ̀ tí irọ́ fi jáde. Nínú èdè wa, ìyàwó ẹni kì í ṣe ẹni tí a fẹ́ nìkan. Ìyàwó àbúrò wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa, ìyàwó ọmọ wa, gbogbo wọn ni ìyàwó wa, obìnrin ilé pàápàá a sì máa pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ìyàwó òun. Bákan náà ni "bàbá mi" lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá, tí "ọmọ mi" sì lè jẹ́ ọmọ ọmọ tàbí ọmọ tí a gbà tọ́. Ní ojúde, èyí kò lè ru ẹnikẹ́ni lójú, nítorí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ agbo ilé náà. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà sórí ìwé, ẹni tí kò mọ agbo ilé náà ni yóò kà á, yóò sì mú ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Nítorí náà, kí a tó kọ okùn ìbátan kankan sí abẹ́ àwòrán, ó yẹ kí a bèèrè lẹ́ẹ̀kejì: "Ta ni ó fẹ́ ẹ? Ta ni ó bí i?" Kò sí àrífín nínú ìbéèrè yìí bí a bá fi ọ̀wọ̀ bèèrè rẹ̀. Bí ìbátan náà kò bá sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìdí tí a fi ya àwòrán, kí a fi í sílẹ̀, kí a kọ orúkọ nìkan. Bàbá yẹn ń kọ́ ìwé kíkà, obìnrin yẹn bá a gbé ìwé lọ́wọ́. Bí mo bá kọ orúkọ àwọn méjèèjì àti èyí tí mo fi ojú rí, kò sí ẹni tí ìbá fi ìpè da ìyá rẹ̀ láàmú lóru.

Orúkọ, nígbà náà, ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tí ó dára jù láti gba orúkọ ni ìgbà tí àwọn ènìyàn ṣì wà ní ìdúró bí a ti yà wọ́n. Bí wọ́n bá ti tú ká lọ jẹun, ó di ọjọ́ mìíràn. Mo máa ń ka iye orí tí mo rí nínú àwòrán, mo máa ń kọ iye náà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí orí bá jẹ́ méje tí orúkọ sì jẹ́ mẹ́fà, mo mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Mo máa ń ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé mi bí ó bá lè kọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ bí orúkọ rẹ̀ ti ń lọ tó oníǹkan. Ní ìlú wa níbí, ẹnì kan lè ní orúkọ Ifẹ̀ nílé, kí ó ní orúkọ Faransé nínú ìwé ìjọba, kí ó tún ní orúkọ ìjọ tàbí ti mọ́sálásí. Ẹ bi í léèrè èyí tí ó fẹ́ kí a tẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí.

Bí a bá fẹ́ tò wọ́n, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún ni a ń tò wọ́n, bí a ti ń kàwé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ta ni? Ọwọ́ òsì ẹni tí ó ń wo àwòrán ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó dúró níwájú yín, tí ó kọjú sí yín, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ó wà ní ọ̀kánkán ọwọ́ òsì yín. Mo ti rí àwòrán tí a yí gbogbo orúkọ inú rẹ̀ padà nítorí pé akọ̀wé dúró láàárín àwọn tí a yà, ó sì ń kà wọ́n láti ọwọ́ òsì tirẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ di akápò, akápò di olórí ẹgbẹ́. Bí ìlà bá jẹ́ méjì, a ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlà iwájú, a ó sì sọ bẹ́ẹ̀: "Ní ìjókòó, láti òsì," lẹ́yìn náà, "Ní ìdúró, láti òsì."

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà tí ó máa ń dí wa lọ́wọ́, ìyẹn ni "wọ́n". Ní ẹnu wa, àgbàlagbà kan ṣoṣo ni "wọ́n", ogún ènìyàn náà sì ni "wọ́n". Bí a bá wá kọ sí abẹ́ àwòrán tí bàbá kan wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ pé "wọ́n ń gbin igi", ta ni ó ń gbin igi? Bàbá ni, tàbí gbogbo wọn? A kò lè tìtorí èyí kọ "ó" fún àgbà kí àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé a kò bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a dá orúkọ tàbí oyè pè: "Olóyè Lágbájá ń gbin igi, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ń wò ó." Orúkọ àti oyè ti bu ọlá fún un, kò sì sí ẹni tí yóò ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé àṣìṣe orúkọ kì í ṣe ohun ńlá, pé a lè tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ náà kì í tètè dé. Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀ sí ìlú wa, nítorí àwòrán kan wà tí àìmọ̀ orúkọ inú rẹ̀ gba ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kí ó tó tán.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1945, nígbà ogun àgbáyé kejì, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Joe Rosenthal, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press, wà ní erékùṣù Iwo Jima ní ilẹ̀ Jàpáánì. Ó ya àwòrán ọmọ-ogun Amẹ́ríkà mẹ́fà tí wọ́n ń gbé òpó àsíá nàró lórí òkè. Ohun gbogbo ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó ya àwòrán náà, kò gba orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ má tètè dá a lẹ́bi, nítorí ojú ogun ni, púpọ̀ nínú àwọn mẹ́fà náà kò sì kọjú sí kámẹ́rà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àwòrán náà ti wà nínú àwọn ìwé ìròyìn jákèjádò Amẹ́ríkà. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè: ta ni wọ́n?

Àwọn ọ̀gá ogun wá orúkọ mẹ́fà jáde láàárín oṣù bíi méjì. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ni Henry Hansen. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ní ìpínlẹ̀ Texas tí ó ti rí àwòrán náà nínú ìwé ìròyìn, tí ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ òun, Harlon Block, ni ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òpó náà, tí ó kẹ̀yìn sí ènìyàn. Ọmọ náà ti kú lójú ogun. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́, nítorí kò sí ojú nínú àwòrán náà tí a lè fi dá a mọ̀. Ní ọdún 1946, Ira Hayes, tí òun náà wà lára àwọn mẹ́fà, wá ọ̀nà dé Texas láti sọ fún bàbá Block pé òtítọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń sọ. Ọdún 1947 ni ìjọba tún orúkọ náà ṣe. Kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n tún rí i pé John Bradley kò sí nínú àwòrán náà, pé Harold Schultz ni. Ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé ẹni tí a ń pè ní Rene Gagnon, Harold Keller ni í ṣe. Nígbà yẹn, Schultz àti Keller ti kú. Orúkọ mẹ́ta nínú mẹ́fà ni ó ti jẹ́ àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni ère ńlá kan sì ti dúró ní Amẹ́ríkà tí a fi àwòrán náà gbẹ́.

Àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní 2016 àti 2019 kò lo ohun ìyanu kan. Wọ́n kó àwọn àwòrán mìíràn tí a yà lórí òkè kan náà lọ́jọ́ náà jọ, wọ́n sì ń wo bí olúkúlùkù ti de akoto rẹ̀, ohun tí ó so mọ́ ìgbànú rẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ń ya àwòrán àwùjọ, kí ẹ ya ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ má sì pa ìyókù rẹ́ kúrò nínú telifóònù títí a ó fi tẹ ọ̀kan jáde. Ẹni tí ó fi ẹ̀yìn hàn nínú èyí lè fi ojú hàn nínú èkejì.

Lẹ́yìn orúkọ ni àkókò. Àwòrán kì í sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kì í sì í sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Ìmọ́jú kan péré ni ó mú. Ìlú wa gan-an ní àpẹẹrẹ tí ó dára jù fún èyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé.

Gbogbo ará Atakpamé mọ Kamina. Níbẹ̀ ni àwọn Jámánì, tí wọ́n ń jọba lé Tógò lórí nígbà náà, ti kọ́ ibùdó rédíò ńlá kan láti ọdún 1911. Ilé-iṣẹ́ Telefunken ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn òpó irin rẹ̀ tí ó ga jù tó nǹkan bí mítà 120, wọ́n sì fi ń bá ibùdó Nauen tí ó wà lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀, ọ̀nà tí ó jìn tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ti Góòlù Kóòsì wọlé láti ìhà kan, àwọn ọmọ-ogun Faransé ti Dàhòmì wọlé láti ìhà kejì. Wọ́n tẹ̀lé ojú irin láti Lomé wá sókè. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ìjà líle wáyé lẹ́bàá odò Chra. Ní ọjọ́ 26, àwọn Jámánì jọ̀wọ́ ara wọn.

Àwọn àwòrán wà tí ó fi àwókù ibùdó náà hàn: irin gígùn tí ó wó sílẹ̀, tí ó ká lọ́rùn bí igi àgbàdo tí ìjì bì ṣubú. Bí a bá fún ènìyàn mẹ́wàá ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí a sì sọ fún wọn pé ogun 1914 ni, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mẹ́sàn-án nínú wọn yóò kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wó ibùdó Kamina." Ó bá ọgbọ́n mu. Ogun ń jà, ọ̀tá wọlé, òpó wó: ta ni yóò wó o bí kò ṣe ọ̀tá? Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Jámánì fúnra wọn ni ó wó o, ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, kí ohun tí wọ́n fi owó ńlá kọ́ má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń bọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé dé, àwókù ni wọ́n bá.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohunkóhun nínú àwòrán náà tí ó lè sọ èyí fún wa. Irin tí ọ̀tá wó àti irin tí oníǹkan wó, bákan náà ni wọ́n ń rí nílẹ̀. Inú ìtàn tí a kọ sílẹ̀ ni a ti mọ̀ ọ́n. Ohun méjì ni ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ń so pọ̀, nígbà náà: ohun tí ojú rí, àti ohun tí a ti wádìí. Ohun tí ọkàn wa finú wòye kò sí níbẹ̀.

Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ dáadáa, gbólóhùn méjì tó. Èyí àkọ́kọ́ sọ ohun tí a ń wò, ibi tí ó wà, àti ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀: "Àwọn òpó irin ibùdó rédíò Kamina, nítòsí Atakpamé, lẹ́yìn tí àwọn Jámánì tí ó kọ́ wọn wó wọn lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1914." Èkejì sọ ìdí, èyí tí ojú kò lè rí: "Wọn kò fẹ́ kí ibùdó náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, tí wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn fún ní ọjọ́ 26." Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, "lẹ́yìn tí". Mo lò ó nítorí pé mo mọ ọjọ́ tí òpó wó, ṣùgbọ́n n kò mọ ọjọ́ tí a ya àwòrán. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì, ó lè jẹ́ oṣù kejì. "Lẹ́yìn tí" kò purọ́ nípa ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Bí ọjọ́ ti ṣe pàtàkì tó nìyí. Ẹ má kọ "lánàá" tàbí "ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá" sí abẹ́ àwòrán. Ìwé ìròyìn kì í kú lọ́jọ́ tí a tà á. Èmi fúnra mi ti ka ìwé ìròyìn ọdún kejì lára èyí tí a fi wé àkàrà fún mi.

Èdè wa tún ṣe oore kan fún wa nípa àkókò, bí a bá fetí sí i. "Ó gba ìwé-ẹ̀rí" yàtọ̀ sí "ó ń gba ìwé-ẹ̀rí", àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí "ó gbé ìwé-ẹ̀rí tí ó gbà lọ́wọ́". Bí ọwọ́ olùkọ́ àti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá jọ wà lára ìwé náà nínú àwòrán, "ń gba" ni. Bí ayẹyẹ bá ti parí, tí akẹ́kọ̀ọ́ wá dúró lábẹ́ igi láti ya tirẹ̀, "gbé lọ́wọ́" ni. Nígbà mìíràn, ayàwòrán á pẹ́ dé, á ní kí wọ́n tún ìwé náà gbé fún ara wọn kí òun lè yà á. Ìyẹn kì í ṣe ìgbà tí wọ́n gbà á, eré ni wọ́n ṣe fún kámẹ́rà. Kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kí a ya bí wọ́n ti gbé e lọ́wọ́.

Ó kù ohun tí ó ṣòro jù láti fi sílẹ̀, ìyẹn ni ohun tí a rò pé ó wà nínú ọkàn ẹni tí a yà. Àwòrán kan dé ọ̀dọ̀ wa láti ibi ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́, tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀! Ìyá arúgbó ń sunkún ayọ̀ nítorí ó ti mọ̀wé." Obìnrin kan ni a rí níbẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ojú. A bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó fi í ránṣẹ́. Ó bi ìyá náà. Ìyá ní èéfín ni, nítorí ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ayẹyẹ kò jìnnà. Inú rẹ̀ dùn o, ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò sunkún, òun kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ òun tí ó wà ní Lomé rò pé òun ń sunkún.

Báyìí ni a ṣe tún un kọ: "Ìyá Lágbájá ń nu ojú lẹ́bàá ààrò níbi ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́," lẹ́yìn náà orúkọ abúlé àti ọjọ́. "Ó wà lára àwọn tí ó gba ìwé-ẹ̀rí. Ó ní inú òun dùn, ṣùgbọ́n èéfín ni ó mú omi bọ́ lójú òun." Ní tòótọ́, ó dùn mọ́ mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. (Lágbájá ni mo lò níhìn-ín, orúkọ rẹ̀ gan-an ni a tẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti gbà.) Bí a bá fẹ́ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn ènìyàn, kí a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì kọ "ó ní". Bí a kò bá lè bèèrè, kí a sọ ohun tí ọwọ́ àti ojú ń ṣe, kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún òǹkàwé.

Èyí tún lágbára jù nígbà tí ọ̀ràn bá wà nídìí rẹ̀. Ọkùnrin tí ọlọ́pàá dì lọ́wọ́ mú nínú àwòrán, ẹni tí ọlọ́pàá dì lọ́wọ́ mú ni, kì í ṣe olè. Ilé ẹjọ́ ni ó lè sọ ọ́ di olè. Àwòrán tí ó gba orí telifóònù wá, tí kò sí ẹni tí ó lè sọ ẹni tí ó yà á, ibi tí ó ti yà á àti ọjọ́ tí ó yà á, ojú ìwé yìí kò ní tẹ̀ ẹ́, bí ó ti wù kí ó yani lẹ́nu tó.

Mo fẹ́ padà sí Kamina lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí àwọn ènìyàn. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán ìgbà àwọn Jámánì àti ti Faransé, òyìnbó tí ó wà níbẹ̀ ní orúkọ àti oyè. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "àwọn ọmọ ìbílẹ̀" ni a kọ fún wọn, bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ara igbó tí ó wà lẹ́yìn. Kò tọ́ kí àwa tún un ṣe lónìí. Ṣùgbọ́n kò tọ́ náà kí a fi àròsọ dí àlàfo náà, kí a pe wọ́n ní ẹrú, ní aláàárù tàbí ní òṣìṣẹ́ rélùwéè nígbà tí àwòrán kò fi ẹrù tàbí irinṣẹ́ hàn lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a lè kọ ni: "Ọkùnrin mẹ́rin, tí a kò tíì mọ orúkọ wọn." Ọ̀rọ̀ náà "tíì" ṣe pàtàkì sí mi. Ó sọ fún òǹkàwé pé a ṣì ń wá wọn.

Bí ẹnì kan bá sì wá sọ pé bàbá àgbà òun ni ẹni kẹta, a ó kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́: "Ẹni kẹta láti òsì ni Lágbájá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọmọ rẹ̀ ti sọ." Bí ilé mìíràn bá wí pé tiwọn ni, a ó kọ ìyẹn náà. Ìyá Harlon Block kò ní ẹ̀rí kankan ju ojú ìyá lọ, òun ni ó sì jàre.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwòrán àtijọ́ nínú àpótí, ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀yìn wọn nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Pẹ́ńsù dúdú tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ lò, ẹ má lo bírò, nítorí tàdáwà bírò lè ràn sí ojú àwòrán, ẹnu rẹ̀ sì máa ń tẹ ìlà tí ó ń hàn láti iwájú. Ẹ dà á dé sórí tábìlì tí ó le, tí ó sì mọ́, kí ẹ kọ ọ́ sí etí, kí ọwọ́ yín fúyẹ́. Bí ó bá jẹ́ àwòrán orí telifóònù ni ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa, ẹ kọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ sínú iṣẹ́ kan náà tí ẹ fi rán àwòrán, kí méjèèjì má baà yapa lójú ọ̀nà.

Ní ti àwòrán bàbá àti obìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀, a tún un tẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní ìwọ̀n kan náà, ní àyè kan náà lójú ìwé, nítorí àtúnṣe tí a fi pamọ́ sí igun kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti rí àṣìṣe. A kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí abẹ́ rẹ̀. A kọ pé obìnrin náà ni ìyàwó àbúrò bàbá, pé àwa ni ó ṣì í kọ. Ọkọ rẹ̀ gba tirẹ̀ ní Àbíjàn. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ padà sí mi, ó ní orúkọ ìyàwó òun kò ní lẹ́tà "h" nínú. Mo lọ wo ìwé mi. Òtítọ́ ni, èmi ni mo fi kún un.